Ìdí tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò fi máa ń pe ọ̀rọ̀ òfin àti ìlànà ìwádìí ní iṣẹ́ ẹ̀rọ

Gbólóhùn inú ìwé àdéhùn, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́, apá tí olùwádìí ti ṣàlàyé bó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti ìkéde tí ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà wà lára ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò máa ń ṣì pè ní iṣẹ́ òye àtọwọ́dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn ló kọ wọ́n. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. 1787 ni wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn fi í sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò ní 2023, èsì tó jáde ni pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́.

Ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ń wọ̀n

Ẹ̀rọ ayẹ̀wò kò mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀n ni bó ṣe rọrùn tó láti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Bí ẹnì kan bá sọ fún Yorùbá pé "Bí a bá sọ òkò sọ́jà," kò ní pẹ́ tí onítọ̀hún yóò fi parí rẹ̀ pé "ará ilé ẹni ní í bá." Ọ̀rọ̀ náà kò ya olùgbọ́ lẹ́nu rárá. Ẹ̀rọ akọ̀wé bíi ChatGPT sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù láti tẹ̀lé èyí tó ti wà nílẹ̀, nítorí náà àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ayẹ̀wò gbà pé ọ̀rọ̀ tí kò yani lẹ́nu ni ti ẹ̀rọ, èyí tó ń yani lẹ́nu sì ni ti ènìyàn. Òṣùwọ̀n ìyàlẹ́nu yìí ni ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí ń fi hàn:

```
PPL = exp( -(1/N) * Σ ln p_i )
```

`p_i` ni ìṣeéṣe tí ẹ̀rọ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó rí i, `N` sì ni iye ọ̀rọ̀. Ká fi nọ́ńbà àpèjúwe ṣe é. Ọ̀rọ̀ márùn-ún wà nínú gbólóhùn àdéhùn kan, ẹ̀rọ sì fún wọn ní 0.9, 0.95, 0.8, 0.9 àti 0.99. `PPL` rẹ̀ jẹ́ bíi 1.1: ó dà bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún ẹ̀rọ láti yàn. Bí gbólóhùn mìíràn, irú èyí tí ènìyàn fi ń ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí, bá ní 0.2, 0.05, 0.3, 0.01 àti 0.1, `PPL` rẹ̀ jẹ́ bíi 12.7. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò á wá fi ààlà sáàárín méjèèjì. Èyí tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ààlà, á pè é ní iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Àwọn kan, bíi GPTZero tó jáde ní oṣù kìíní 2023, tún ń wo bí òṣùwọ̀n yìí ṣe ń lọ sókè sódò láti gbólóhùn dé gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ òfin kì í sábà lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó lè já kulẹ̀ lọ́nà méjèèjì.

Ìdí tí ènìyàn fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ fi máa ń rọrùn láti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni àdàkọ gan-an. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbúra ti tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń ṣe ìkéde níwájú òfin gbọ́dọ̀ sọ sínú àfikún rẹ̀: pé òun gbà tọkàntọkàn pé òótọ́ ni ohun tí òun sọ, àti pé agbára òfin náà lòun fi ń sọ ọ́. Lọ́yà kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé bó bá yí i, ó ti fún agbẹjọ́rò ẹnìkejì láǹfààní láti ní kí ilé ẹjọ́ da ìwé náà nù. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti wà lórí ìtàkùn àìmọye ìgbà kí wọ́n tó fi ìtàkùn kọ́ ẹ̀rọ akọ̀wé, ẹ̀rọ sì ti há a sórí. Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà náà rèé. Ẹ̀rọ ni kò kọ ọ́. Ó ti kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí ni.

Èkejì ni pé iṣẹ́ náà kò fàyè gba ọ̀rọ̀ mìíràn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ. Ẹ wo olùwádìí tó ń ṣàlàyé bó ṣe sọ DNA di púpọ̀ nínú ẹ̀rọ PCR. Yóò kọ pé òun fi ooru 95 °C ya okùn méjèèjì nípa, pé òun mú un wá sí nǹkan bí 55 sí 60 °C kí àwọn ègé kéékèèké tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè lẹ̀ mọ́ ọn, pé òun gbé e lọ sí 72 °C kí okùn tuntun gùn, àti pé òun tún un ṣe nígbà 30 sí 35. Kò sí ọ̀nà mẹ́wàá láti sọ èyí. Bó bá ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí kíkà rẹ̀ lè dùn, ẹni tó fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe á máa rò pé ìgbésẹ̀ mìíràn ni. Ibi tí òye onímọ̀ ti hàn ni nọ́ńbà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kéré níye lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká, wọn kì í sì í tó láti gbé òṣùwọ̀n náà sókè.

Ní 2024, àwọn olùwádìí gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan tó ń jẹ́ Binoculars jáde. Ó ń lo ẹ̀rọ akọ̀wé méjì, ó sì ń pín òṣùwọ̀n ìyàlẹ́nu ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu tí àbá ẹ̀rọ kejì ń mú bá ẹ̀rọ kìíní. Èyí ń ran ọ̀rọ̀ ènìyàn lásán lọ́wọ́. Síbẹ̀ àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ti há sórí, bíi Òfin Ìpìlẹ̀ náà, ṣì ń bọ́ sí ìhà ti ẹ̀rọ.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé àṣìmú ni

Àyẹ̀wò tó dára jù kò náni ní nǹkan púpọ̀. Ẹ wá ìwé irú kan náà tí ilé iṣẹ́ tàbí yàrá ìwádìí kan náà kọ ṣáájú oṣù kọkànlá 2022, ìyẹn ṣáájú kí ChatGPT tó jáde, kí ẹ sì fi í sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan náà. Bí àwọn àdéhùn 2015 bá gba èsì kan náà bíi ti tuntun, a jẹ́ pé irú ìwé náà ni ẹ̀rọ ń dá mọ̀. Èsì náà kò wá dá ẹni tó kọ ọ́ láre, kò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá kọ gbólóhùn yẹn ní tòótọ́, iye kan náà ló máa jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí a ya àwọn apá ìwé sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé apá ìlànà nìkan ni ẹ̀rọ pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí apá tí olùwádìí ti ń jiyàn lórí èsì rẹ̀ kò ní wàhálà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú ọ̀rọ̀ náà ló fà á. Gígùn náà ṣe pàtàkì: Turnitin, ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò, kì í ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún iṣẹ́ tí kò tó 300 ọ̀rọ̀, gbólóhùn àdéhùn kan ṣoṣo kì í sì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Iye ìwé náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ń dá lílo ẹ̀rọ ayẹ̀wò Turnitin dúró ní 2023, ó ṣírò pé iṣẹ́ 75,000 ni òun fi ránṣẹ́ sí Turnitin ní 2022. Bí àṣìmú bá jẹ́ ẹyọ kan péré nínú 100, iṣẹ́ 750 ni wọn ì bá ti fẹ̀sùn kàn láìtọ́.

Àwọn kan máa ń tún ọ̀rọ̀ kọ kí ẹ̀rọ lè fi wọ́n sílẹ̀. Ewu èyí pọ̀ jù nínú àdéhùn. Bí "gbọ́dọ̀" bá di "lè" nínú gbólóhùn tó sọ ọjọ́ tí ayálégbé yóò san owó ilé, òṣùwọ̀n náà lè gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n owó ilé náà kò jẹ́ dandan mọ́.