Ṣé torí pé kò ní sójà ni ìjọba ṣe ń háyà sójà?

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé ìjọba tó bá lọ háyà sójà láti òkèèrè, á jẹ́ pé kò ní sójà tiẹ̀ ni, tàbí pé ojo làwọn tó ní. Ó máa ń dùn mí torí ọ̀rọ̀ ogun Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ò jìnnà sí wa, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà kú síbẹ̀.

Ọdún 1991 làwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ti Foday Sankoh bẹ̀rẹ̀ ogun níbẹ̀. Valentine Strasser, sójà tó gbàjọba lọ́dún 1992, ńṣe ló ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun lọ́tùn-ún lósì, àwọn sójà tó tó bíi 3,000 tẹ́lẹ̀ wá lé ní 10,000. Ọmọ ìgboro ló pọ̀ nínú wọn, wọn ò kọ́ wọn dáadáa, owó oṣù wọn ò sì já gaara. Kò pẹ́ tí ará ìlú fi sọ wọ́n ní sóbẹ̀lì, ìyẹn sójà lọ́sàn-án, ọlọ̀tẹ̀ lóru, torí abúlé tí wọ́n rán wọn lọ ṣọ́ náà ni wọ́n ń kó. Ṣé ẹ rí i báyìí? Bí sójà ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rù ń ba ìjọba sí i.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1995, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba ibi ìwakùsà tó ń mówó wọlé, wọ́n sì ti sún mọ́ Freetown, olú ìlú wọn. Ìgbà yẹn ni Strasser háyà Executive Outcomes, ilé-iṣẹ́ àwọn sójà South Africa tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò ju bí igba èèyàn lọ, wọ́n ní hẹlikópítà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n lé RUF kúrò ní etí Freetown, lẹ́yìn náà wọ́n gba Kono níbi tí dáyámọ́ńdì wà, wọ́n sì kọ́ àwọn ọdẹ Kamajor tó mọ inú igbó. Àwọn sójà àháyà yìí ò ní ẹbí ní Sàró, wọn ò sì fẹ́ jókòó sí ilé ìjọba, owó wọn ni wọ́n fẹ́. Ìdí tí wọ́n fi wúlò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ti Strasser náà o. Ní January 1996, igbákejì ẹ̀, Julius Maada Bio, yọ ọ́ nípò, àwọn sójà àháyà yìí ò gbà á sílẹ̀, wọ́n kàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ fún ẹni tó dé ni.

Wọ́n dìbò lọ́dún yẹn, Ahmad Tejan Kabbah wọlé. Àdéhùn tó bá RUF ṣe ní Abidjan ní November sọ pé kí Executive Outcomes lọ, wọ́n sì lọ ní January 1997. Àwọn sójà Sàró tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì tún wọn ṣe. Ní May 25 ọdún yẹn kan náà, àwọn sójà yìí lé Kabbah kúrò nílùú, wọ́n ní kí RUF wá bá àwọn ṣèjọba, bí wọ́n ṣe jọ wọ Freetown nìyẹn, ní ọ̀sán gangan. ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí sójà Nàìjíríà pọ̀ jù nínú ẹ̀, ló wá lé wọn jáde lọ́dún 1998.