Ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí orúkọ yín kò sí nínú rẹ̀

“Ọkọ ìyàwó ti gba òtẹ́ẹ̀lì fún gbogbo wa.” Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí ní Àjàṣẹ́, mo gbọ́ ọ ní Kétu, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó ní ilẹ̀ Faransé. Ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ ni pé bí káàdì ìpè bá ti wà lọ́wọ́, tí ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọmọ ìgbéyàwó fi ránṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn máa sùn ti tán nínú ìwé físà. Kò rí bẹ́ẹ̀, owó tí ìgbàgbọ́ yìí sì ti gbé sọnù lójú mi kò kéré.

Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Kétu ni mo fi máa ṣe àpẹẹrẹ, torí ìwé rẹ̀ kọjá lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ 9 ló fẹ́ lò ní Líyọ́ọ̀n. Àwọn ọmọ ìgbéyàwó gba yàrá 12 sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan fún òru mẹ́ta: ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú. Òtẹ́ẹ̀lì kọ ìwé tó dára, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ ìyàwó nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ìyá mi kékeré kó lọ sí Kútọnù pẹ̀lú káàdì ìpè aláwọ̀ wúrà, ó san yúrò 90 tí físà ń gbà, èyí tó tó nǹkan bí 59,000 sẹ́fà, ó sì padà sílé lọ rán aṣọ ẹbí. Wọ́n kọ̀ ọ́.

Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n ń fún èèyàn ní àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n máa ń sàmì sí. Èyí tí wọ́n sàmì sí fún un sọ pé ohun tó kó wá láti ṣàlàyé ìdí ìrìn àjò rẹ̀ àti bí yóò ṣe gbé níbẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń rò pé wọ́n kàn kórìíra àwọn ni, tí wọn kì í mọ ibi tí ìwé ti jò.

Ẹ jẹ́ ká jókòó sí àga òṣìṣẹ́ tó ń ka ìwé náà. Òfin físà Yúróòpù ti ọdún 2009 ní kí ẹni tó ń tọrọ físà fi ẹ̀rí hàn pé ó ní ibi tí yóò sùn, tàbí pé ó ní owó tó tó láti fi san án. Ìbéèrè òṣìṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà níwájú mi yìí, níbo ni yóò sùn ní òru kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tó dé títí di ọjọ́ tó máa padà? Ìwé ọkọ ìyàwó kò dáhùn rẹ̀. Yàrá 12 wà, ṣùgbọ́n ta ló ní wọn? Òru mẹ́ta wà, òru tó kù ńkọ́?

Faransé tún ní ìṣirò tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ẹni tó ní ìwé òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ fi yúrò 65 hàn fún ọjọ́ kan. Ẹni tí kò ní in gbọ́dọ̀ fi 120 hàn. Ẹni tó máa sùn nílé ará tàbí ọ̀rẹ́, tó sì ní ìwé ìgbàlejò tí mérí, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú ibẹ̀, fọwọ́ sí, 32.50 ni tirẹ̀. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní orúkọ ìyá mi kékeré wà nínú ìwé yẹn, ọjọ́ mẹ́ta yóò jẹ́ yúrò 195, ọjọ́ mẹ́fà tó kù yóò jẹ́ 720. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 915, ìyẹn bí 600,000 sẹ́fà. Ìwé báńkì rẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀.

Nígbà tó tún gbìyànjú, ọ̀nà méjì la gbà. Àkọ́kọ́, ó bẹ ọkọ ìyàwó kó kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n yọ yàrá kan nínú 12 náà sọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ìwé lọ́tọ̀ fún un. Ohun tó bẹ̀ kí wọ́n kọ nìyí: orúkọ àlejò àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀, ọjọ́ tó máa wọlé àti ọjọ́ tó máa jáde, iye èèyàn tó máa wà nínú yàrá, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ẹni tó san owó tàbí tó máa san án, àdírẹ́sì àti tẹlifóònù òtẹ́ẹ̀lì, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Òtẹ́ẹ̀lì kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ láti kọ ọ́. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò sọ pé dandan ni kí ẹ ti san gbogbo owó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó sọ òótọ́ nípa ẹni tó máa san án.

Èkejì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló gbà á sílé fún ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí mérí àdúgbò rẹ̀ láti gba ìwé ìgbàlejò, ó san yúrò 30 tí wọn kì í dá padà bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ̀, ó sì fi ojúlówó ìwé náà ránṣẹ́, torí ẹ̀dà lásán kò tó. Ó lè gba oṣù kan kí mérí tó dáhùn, nítorí náà èyí ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti lè gba ìwé físà lọ́wọ́ yín. Ìṣirò wa wá di 195 fún òtẹ́ẹ̀lì àti 195 fún ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó, yúrò 390 lápapọ̀. Èyí tó jẹ́ 915 tẹ́lẹ̀ di 390, àwọn ìwé náà sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Orúkọ tún ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí a ṣe rò lọ. Nínú ìwé ìrìnnà Bẹ̀nẹ̀, a sábà máa ń fi “ch” kọ ṣ bí àwọn Faransé ṣe ń ṣe: Adéchina. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó, tó ń ka orúkọ náà fún òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù, yóò sọ pé Adesina. Ẹni kan náà ni lójú wa, ẹni méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ máa fi àwòrán ojú ewé ìwé ìrìnnà ránṣẹ́, ẹ má máa ka orúkọ lẹ́nu.

Àwọn kan á ní kí ẹ gba yàrá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ ìwé rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fagi lé e lọ́jọ́ kejì. Yàrá tó ṣeé fagi lé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́ńsúlà lè pe òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n bá sì gbọ́ pé orúkọ yín kò sí níbẹ̀ mọ́, iyèméjì lórí òtítọ́ ìwé yín nìkan ti tó láti kọ̀ yín. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀rọ físà Yúróòpù fún ọdún márùn-ún. Mo bẹ yín, ẹ fi yàrá náà sílẹ̀ títí ìdáhùn yóò fi dé.

Ìwé tó pé kò ní kí wọ́n fún yín ní físà dandan. Iṣẹ́ yín, owó yín àti ẹ̀rí pé ẹ máa padà sílé ṣì wà lórí ìwọ̀n. Ìyá mi kékeré fi ìwé oko kaju rẹ̀ àti ìwé ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù rẹ̀ kún un, wọ́n sì fún un ní físà.

Nígbà tó ń lọ, àpótí ló fẹ́ kó ìwé méjèèjì sí. A kó wọn jáde sí báàgì ọwọ́, torí ọlọ́pàá ẹnubodè ní pápákọ̀ òfurufú lè tún béèrè ibi tó máa sùn, kó sì tó di pé èèyàn rí àpótí rẹ̀ gbà ni ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sì béèrè.