Ìdógò àjọlò àti ìdógò àyàsọ́tọ̀: ìdí tí iye ìtìpa òwò fi ń sún

Níbi tí wọ́n ti ń ṣòwò fíúṣọ̀sì owó kíríputó, ìyẹn òwò àdéhùn lórí iye owó náà láìjẹ́ pé a ní in lọ́wọ́, bọ́tìnnì kékeré kan máa ń wà lókè ibi tí a ti ń tẹ iye ọjà tí a fẹ́ rà. Nǹkan méjì ló lè kọ: `Cross` tàbí `Isolated`. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kàn án rárá. Bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ṣe ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ èwo nínú owó wa ni wọ́n lè mú nígbà tí ọjà bá yí sí wa, òun náà ló sì ń sọ ibi tí wọn yóò ti ti òwò náà pa tipátipá. Ibi ìtìpa yẹn ni ojú ẹ̀rọ ń pè ní `Liq. Price`. Iye ìtìpa ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Ká kọ́kọ́ wo ìdí tí wọ́n fi ń ti òwò pa. Ẹni tó ní 200 dọ́là lè ṣí òwò tó tó 2,000 dọ́là, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá owó rẹ̀, tí ojú ẹ̀rọ ń kọ ní `10x`. 200 dọ́là yẹn ni ìdógò. Bí ọjà bá já, inú ìdógò ni wọ́n ti ń yọ àdánù. Àmọ́ wọn kì í dúró títí ìdógò yóò fi tán pátápátá kí wọ́n tó dá sí i, nítorí pé bí ọjà bá já bọ́ lójijì, àdánù yóò kọjá owó tó wà nílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì san án. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ààlà kan sílẹ̀: ìdá kékeré kan nínú iye tí òwò náà tó lọ́wọ́lọ́wọ́, tó gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́ kù nínú ìdógò. Ìdógò amúdúró nìyí. A ó mú un ní ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àpẹẹrẹ wa. Ní ti gidi, ó yàtọ̀ láti owó kíríputó kan sí òmíràn, ó sì ń ga sí i bí òwò bá ṣe ń tóbi tó.

Ìgbà tí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìdógò bá bá ìdógò amúdúró dọ́gba ni wọ́n ń ti òwò pa. Ibi tí `Cross` àti `Isolated` ti yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń kà sí ìdógò. Nínú `Isolated`, owó tí a yà sọ́tọ̀ fún òwò kan ni ìdógò rẹ̀, kò sí èyí tí í lọ́wọ́ sí tẹnìkejì. Ìdógò àyàsọ́tọ̀ nìyẹn. Nínú `Cross`, gbogbo owó tó wà nínú àpò ìṣòwò wa, pẹ̀lú èrè àti àdánù gbogbo òwò yòókù tó wà ní ṣíṣí, ni wọ́n dà pọ̀ ṣe ìdógò kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ìdógò àjọlò nìyẹn.

Ìṣirò ìtìpa fún òwò ríra kò le:

```
Liq = (E * Q - M) / (Q * (1 - MMR))
```

`E` ni iye tí a fi rà, `Q` ni ìwọ̀n ohun tí a rà, `MMR` ni ìdá ìdógò amúdúró, `M` sì ni ìdógò. Lórí `M` yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ká ní 1,000 dọ́là wà nínú àpò, a sì ra owó kíríputó `ETH` 1 ní 2,000 dọ́là ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ìdógò bá jẹ́ àyàsọ́tọ̀, `M` jẹ́ 200. 2,000 dín 200 jẹ́ 1,800. Tí a bá pín in sí 0.995, a ó rí nǹkan bí 1,809 dọ́là. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti ti òwò náà pa. Bí ìdógò bá jẹ́ àjọlò, tí kò sì sí òwò mìíràn nílẹ̀, `M` jẹ́ 1,000, iye ìtìpa sì di nǹkan bí 1,005 dọ́là. Ọjà kan náà, ìwọ̀n kan náà, àmọ́ ọ̀kan kú bí ọjà bá já ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì ń mí títí ọjà yóò fi já dé nǹkan bí ìdajì. Ohun tí a fi gbà á kò pamọ́: bí wọ́n bá ti ti ti àkọ́kọ́ pa, 200 dọ́là ló lọ, 800 ṣì wà. Bí wọ́n bá ti èkejì pa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àpò ló lọ.

Ibí yìí ni àṣìṣe kan ti wọ́pọ̀ púpọ̀. Èèyàn yóò lo `Cross`, ẹ̀rù yóò bà á, yóò fa ìlọ́po wálẹ̀ láti `10x` sí `5x`, yóò sì retí pé iye ìtìpa yóò jìnnà sí i. Kò ní sún rárá bí ìwọ̀n òwò náà kò bá yí padà. Ẹ tún wo ìṣirò yẹn: ìlọ́po kò sí nínú rẹ̀. Nínú ìdógò àyàsọ́tọ̀, ìlọ́po ló ń sọ bí `M` ṣe pọ̀ tó, nítorí náà tí a bá gbé e sí `20x`, `M` di 100, iye ìtìpa sì sún wá sí nǹkan bí 1,910 dọ́là. Nínú ìdógò àjọlò, gbogbo àpò ni `M`, ohun tí ìlọ́po sì ń ṣe kò ju pé ó ń sọ iye owó tí wọn yóò tì mọ́lẹ̀ kí a má baà fi ṣí òwò mìíràn. Bí èèyàn bá fẹ́ kí iye ìtìpa jìnnà nínú `Cross`, kó dín ìwọ̀n òwò kù tàbí kó fi owó kún àpò.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí òwò bá di méjì ni ọ̀rọ̀ ìdógò àjọlò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹni tó fi `Cross` ra `ETH` 1 yẹn tún fi `Cross` ra owó kíríputó mìíràn, `SOL` 20, ní 100 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2,000 dọ́là mìíràn nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀, iye ìtìpa `ETH` yóò sún díẹ̀, láti 1,005 sí 1,015, nítorí pé `SOL` náà ní ìdógò amúdúró tirẹ̀, 10 dọ́là, tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ nínú owó àjọlò. Lẹ́yìn náà, `SOL` já sí 80. Àdánù ibẹ̀ jẹ́ 400 dọ́là. `ETH` kò kúrò lójú kan, ó ṣì wà ní 2,000, síbẹ̀ iye ìtìpa rẹ̀ ti gòkè dé nǹkan bí 1,415. Ẹni tó kọ 1,015 sórí bébà lánàá, tó sì fi ọkàn balẹ̀ sùn lórí rẹ̀, ti ń sùn lórí nọ́ńbà tí kò sí mọ́.

Ká ní àyàsọ́tọ̀ ni àwọn méjèèjì, wọn ì bá ti `SOL` pa ní nǹkan bí 90 dọ́là, 200 dọ́là ì bá lọ, iye ìtìpa `ETH` ì bá sì dúró sí 1,809 láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tó tún burú jù ni pé iye ìtìpa tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn nínú `Cross` ní àdéhùn kan nínú tí wọn kì í kọ sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ń ṣírò ti `ETH`, wọ́n gbà pé `SOL` kò ní sún kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ owó kíríputó kì í já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2020, `BTC` àti `ETH` jọ pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye wọn lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Ká wo òwò méjì wa yẹn bí àwọn méjèèjì bá jọ já ní ìdá kan náà láti ibi tí a ti rà wọ́n. Òwò méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 4,000 dọ́là, owó tó wà lẹ́yìn wọn jẹ́ 1,000. Ìgbà tí wọ́n bá já ní nǹkan bí ìdá 24.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó parí. `ETH` yóò wà ní nǹkan bí 1,508 dọ́là nígbà náà. Ojú ẹ̀rọ tó kọ 1,015 fún un lọ́jọ́ tó ṣí òwò kò parọ́. Ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn.

Àwọn kan á ní kí a máa wo `Margin Ratio`, ìyẹn ìdógò amúdúró gbogbo òwò tí a pín sí owó tó ṣẹ́ kù. Bó bá dé 100%, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ti òwò pa. Nọ́ńbà yìí dára, ṣùgbọ́n kì í tètè kígbe. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó bẹ̀rẹ̀ láti 2%. Bí ọjà méjèèjì bá já ní ìdá 20, ó ṣì wà ní 8% péré. Ní ìdá 24, ó ti fò dé 38%, kò sì ku ìdá kan mọ́ kó tó pé ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń dúró de ìgbà tí yóò di 50% kó tó ṣe nǹkan lè má rí àyè ṣe é. Ìṣirò tó dára jù lójú tèmi kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ: ẹ ṣa gbogbo òwò tó dojú kọ ibì kan náà jọ, kí ẹ fi àròpọ̀ wọn pín owó tó wà nínú àpò. 1,000 nínú 4,000 jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí a ti lè fara da ìjábọ́ àpapọ̀ dé nìyẹn, ó kàn dín díẹ̀ nítorí ìdógò amúdúró.

Èyí kò sọ ìdógò àyàsọ́tọ̀ di ààbò fún gbogbo nǹkan. Kò ní àyè fún mímí. Ọjà lè já kan 1,809, kó gbé òwò lọ, kó sì padà sókè ní wákàtí kan náà. Iye tí wọ́n ń wò láti ti òwò pa kì í sábà jẹ́ iye tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tàbí tà, bí kò ṣe `Mark Price`, tí wọ́n ń ṣírò láti inú iye àwọn ọjà mìíràn kí ìfò kékeré kan níbì kan má baà pa òwò. Síbẹ̀ kò lè gbani lọ́wọ́ ìjábọ́ tó jẹ́ ti gidi. Èèyàn lè fi owó kún ìdógò náà: 100 dọ́là sí i yóò gbé iye ìtìpa lọ sí nǹkan bí 1,709. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ti sọ `Isolated` di `Cross` díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí àyàsọ́tọ̀ ti ń ṣe ìpalára jù ni ìgbà tí òwò méjì bá wà láti dáàbò bo ara wọn. Ká ní èèyàn ra `ETH`, ó sì ta `BTC` ní ìwọ̀n kan náà, nítorí ó gbàgbọ́ pé `ETH` yóò ṣe dáadáa ju `BTC` lọ, yálà ọjà gòkè tàbí ó já. Nínú fíúṣọ̀sì, èèyàn lè ta ohun tí kò ní lọ́wọ́, yóò jèrè bí iye rẹ̀ bá já, yóò sì pàdánù bó bá gòkè. Bí gbogbo ọjà bá gòkè ní ìdá 12, `ETH` ti jèrè, `BTC` tó tà ti pàdánù, ìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìkejì rẹ́. Nínú àjọlò, èrè `ETH` ń gbé àdánù `BTC` ró, iye ìtìpa kò sì sún mọ́ tòsí. Nínú àyàsọ́tọ̀ ní `10x`, wọn yóò ti ẹ̀gbẹ́ `BTC` pa nígbà tó bá gòkè ní nǹkan bí ìdá 9.5, èrè `ETH` kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ kan yóò wá ṣẹ́ kù fún ẹni tó gbà pé ẹsẹ̀ méjì lòun fi dúró, ọjà sì lè yí padà já lé e lórí.

Ọ̀pọ̀ ibi ìṣòwò kì í jẹ́ kí a pààrọ̀ `Cross` sí `Isolated` nígbà tí òwò bá ti wà ní ṣíṣí lórí ọjà náà, tàbí tí àṣẹ ríra tàbí títà bá ṣì ń dúró. Kí a tó tẹ bọ́tìnnì ríra ni a ti ń yàn án.