Ibi tí líǹkì kúkúrú ń fi òpin ìrìn pamọ́ sí

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àdììtú ni àwòrán onígun mẹ́rin tí à ń pè ní kóòdù QR, pé ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà lé e ti kó sí wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ lásán ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, àdírẹ́sì sáìtì kan tí wọ́n fi àmì dúdú àti funfun kọ dípò lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ Denso Wave ní Japan ló gbé e jáde lọ́dún 1994, kí ẹ̀rọ lè máa fi dá ẹ̀yà ara ọkọ̀ mọ̀. Ojú èèyàn ni kò lè kà á. Fóònù lè kà á tán láìtíì lọ síbì kankan, nítorí kíkà lọ́tọ̀, ṣíṣí lọ́tọ̀.

Líǹkì kúkúrú, àdírẹ́sì kékeré tó ń gbé èèyàn lọ sí àdírẹ́sì gígùn, gan-an ló ń fi nǹkan pamọ́, ó sì nídìí tó fi pọ̀ nínú kóòdù QR. Kóòdù QR tó kéré jù ní àmì 21 ní ìbú, 21 ní òró. Bí àdírẹ́sì bá ṣe ń gùn sí i ni àmì náà ń pọ̀ sí i, títí dé 177, tí yóò fi há débi pé kámẹ́rà kò ní lè kà á láti òkèèrè. Ẹni tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri á wá fi líǹkì kúkúrú sínú rẹ̀ kó lè fẹ̀. Bí ohun tí ojú kò lè kà ṣe gbé ohun tí kò sọ ibi tó ń lọ sínú nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tó ń kúrú líǹkì dà bí ẹni tó dúró ní oríta pẹ̀lú ìwé ńlá lọ́wọ́. Nínú ìwé náà, líǹkì kúkúrú kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì gígùn tirẹ̀. Tí fóònù bá béèrè ọ̀kan nínú wọn, ilé iṣẹ́ náà kò ní gbé ojú ìwé kankan fún un, á kàn dáhùn pé, "Ibí yìí kọ́, gba ọ̀hún lọ." Nọ́ńbà 301 tàbí 302 ló máa ń ṣáájú ìdáhùn yìí, àdírẹ́sì tòótọ́ á sì tẹ̀ lé e. Fóònù kì í dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti lọ nìyẹn. Láwọn ilé iṣẹ́ kan, ẹni tó ni líǹkì lè yí ohun tó wà nínú ìwé náà padà nígbàkigbà. Ọgbọ́n gidi wà nínú èyí, torí bí sáìtì bá kó lọ, kò sídìí láti tún kóòdù QR tẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé líǹkì tó mọ́ lánàá lè lọ sọ́dọ̀ olè lónìí, láìsí ohun tó yí padà lójú ẹni tó ń wò ó.

Ìdáhùn oríta yẹn ló yẹ ká kà ká tó rìn. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ka kóòdù QR, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì tẹ ohun tó bá yọ. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ ti lè ka gbogbo rẹ̀, torí fóònù mìíràn kì í fi ju orúkọ sáìtì hàn. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ Bitly ló kúrú líǹkì náà, ẹ fi + sí ìparí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti is.gd, ẹ fi - sí i. Ti TinyURL, ẹ fi `preview.` síwájú orúkọ rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, KOODU dúró fún àwọn lẹ́tà tó parí líǹkì yín:

```
https://bit.ly/KOODU+
https://is.gd/KOODU-
https://preview.tinyurl.com/KOODU
```

Ojú ìwé tó ń sọ ibi tí líǹkì ń lọ ni yóò ṣí. Èyí ló yẹ kó máa kọ́kọ́ yọ fún gbogbo èèyàn, kì í ṣe àwọn tó mọ àmì náà nìkan. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè tẹ àṣẹ yìí sí tẹ́mínà láti béèrè fúnra rẹ̀:

```
curl -sI https://tinyurl.com/KOODU
```

Ẹ wá ìlà `location:` nínú ìdáhùn. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni `https://banki.example.atunse.test/wole`. Ojú á kọ́kọ́ rí báńkì, ṣùgbọ́n ìparí orúkọ, kó tó kan `/` àkọ́kọ́ lẹ́yìn `https://`, ló ń sọ onílé. `atunse.test` ló ni ín, báńkì kankan kọ́. Bó bá jẹ́ líǹkì kúkúrú mìíràn ló tún yọ, ẹ tún òun náà béèrè. Ẹ má fi `-L` kún àṣẹ náà, torí ìyẹn á rìn dé òpin.

Àyẹ̀wò yìí ní ààlà. Olè lè gbé ojú ìwé tó dára fún kọ̀ǹpútà, kó gbé ayédèrú fún fóònù. Ojú ìwé tó dé sí náà sì lè tún tì yín síbòmíràn lẹ́yìn tó bá ṣí, èyí tí `curl -sI` kò lè rí. Nítorí náà, tí ojú ìwé tí líǹkì kúkúrú gbé yín dé bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà káàdì, ẹ pa á dé, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ náà.