Yíyọ orúkọ aláìsàn nìkan ò tó: bí wọ́n ṣe ń kọ kéèsì sítọ́dì nọ́ọ̀sì láì tú àṣírí ẹni tó wà nínú ẹ̀

Tí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kọ kéèsì sítọ́dì, ìyẹn ìwé lórí aláìsàn kan àti ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un, nǹkan àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa orúkọ aláìsàn rẹ́, wọ́n á fi "Ọ̀gbẹ́ni A.O." rọ́pò ẹ̀, wọ́n á sì gbà pé ó bùṣe. Kò tíì bùṣe o. Lẹ́tà méjì yẹn ṣì jẹ́ ti orúkọ ẹ̀ gan-an, ìyẹn ti burú díẹ̀, àmọ́ orúkọ kọ́ ló ń tú àṣírí jù. Àwọn nǹkan kéékèèké ló ń tú u, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ tó wọ wọ́ọ̀dù, oyè tó jẹ, ẹni tó gbé e wá. Tí ẹ bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ti jókòó sójú ìwé kan náà, ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn á ti dárúkọ bàbá náà kó tó ka ìwé dé ìsàlẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, apá 26, sọ pé àṣírí ni gbogbo nǹkan tó bá kan ẹni tó wá gba ìtọ́jú. Kì í ṣe àìsàn ẹ̀ nìkan, pé ó tiẹ̀ sùn sí ọsibítù yẹn rárá wà lára àṣírí náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyẹn, wọ́n á ní "mi ò sáà sọ àìsàn kankan tó ń dójú ti èèyàn". Ìtọ̀ ṣúgà lè má dójú ti ẹnikẹ́ni lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ni ín ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ fún ẹni tó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ ká mú kéèsì kan tí a ṣe fún àlàyé, kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kékeré ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rèé:

"Olóyè A.O., ẹni ọdún 67, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún mọ́kànlá. Ìṣó gún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún lóko ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyàwó ẹ̀ kékeré. Ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ pásítọ̀ ló gbé e wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọgbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 sí 4, ó ń ṣọyún, ó ń rùn. Ara ẹ̀ gbóná dé 38.4. Ṣúgà kó tó jẹun jẹ́ 14.2 mmol/L."

Kò sí orúkọ níbẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n nínú ìlú kékeré kan, olóyè mélòó ló ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí, tó sin ìyàwó kékeré nínú oṣù kejì ọdún yẹn, tó sì bí pásítọ̀? Ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ míì láti ìlú yẹn bá yá ìwé yẹn kà ní láìbìrì, ọ̀rọ̀ ti délé nìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì ṣe máa yàtọ̀ tí èyí ò bá sí níbẹ̀? Oyè ẹ̀, kò kan ìtọ́jú, ẹ yọ ọ́. Pé ọmọ ẹ̀ jẹ́ pásítọ̀, kò kàn án náà, "ẹbí ló gbé e wá" ti tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà nílé, ìyẹn gbọ́dọ̀ dúró, torí òun ló jẹ́ ká mọ ìdí tí ọgbẹ́ fi dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú ìyàwó ló wá gba ìrònú díẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́ pátápátá, kò sẹ́ni tó máa mọ ìdí tí ọkùnrin tó ti ń lo oògùn ẹ̀ dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ṣàdédé pa á tì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀fọ̀ yẹn ni nọ́ọ̀sì bá a sọ lọ́jọ́ kejì kó tó gbà láti jẹun. Torí náà ọ̀fọ̀ máa dúró, ìsìnkú, "ìyàwó kékeré" àti oṣù tó ṣẹlẹ̀ ló máa lọ.

Bó ṣe máa wá rí nínú ìwé nìyí:

"Bàbá Káyọ̀dé, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an, jẹ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì ń dáko díẹ̀díẹ̀. Ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ìṣó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tó wà lóko. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ nínú ẹbí lásìkò náà, kò lo oògùn ẹ̀ déédéé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá kí ẹbí tó gbé e wá."

Ìwọ̀n ọgbẹ́, ara gbígbóná àti ṣúgà á dúró bí wọ́n ṣe wà, wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, torí àwọn ni ìwé náà dúró lé.

Ẹ wo iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe. Wọ́n mú un fẹ̀, wọn ò parọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan á ní kó má bàa hàn, àwọn á kúkú sọ ọ̀gá ilé ìwé di apẹja. Àṣìṣe gidi nìyẹn, torí apẹja máa ń fẹsẹ̀ dúró nínú omi, ewu ọgbẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ nípa bó ṣe máa tọ́jú ẹsẹ̀ nílé náà yàtọ̀, tó bá sì dé apá ìparí tí wọ́n ní ó ń fi owó ìfẹ̀yìntì ra páálí tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, tíṣà tó ń máàkì á bi wọ́n pé apẹja wo ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Fífẹ ọ̀rọ̀ lójú ló dáa ju àrọkọ lọ. Orúkọ àdápè nìkan ni wọ́n lè dá sílẹ̀, òun náà, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ ẹ̀, ẹ sì sọ níwájú ìwé pé àdápè ni.

Ọjọ́ wá ńkọ́? Ọjọ́ tó wọlé á di Ọjọ́ Kìíní, gbogbo nǹkan á sì máa tẹ̀ lé e láti ibẹ̀. Ọjọ́ Kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ínsúlíìnì àti oògùn kòkòrò gba ojú iṣan, wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ ọgbẹ́, wọ́n ń di í lójoojúmọ́. Ọjọ́ Kẹrin, ara ti wálẹ̀ sí 37.2, ṣúgà ti di 9.1. Ọjọ́ Kẹrìnlá, ọgbẹ́ ti di 4.5 sí 3, ẹran pupa tuntun ti ń hù nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á ń rí bí ìtọ́jú ṣe ń ṣiṣẹ́ láì mọ oṣù tó jẹ́. Àlàfo àárín ọjọ́ sí ọjọ́ ni wọn ò gbọ́dọ̀ yí padà, tẹ́ ẹ bá sọ ọjọ́ mẹ́rin di mẹ́wàá, ẹ ti sọ oògùn tó ṣiṣẹ́ di oògùn tí kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ orí náà, "lé ní ọgọ́ta" tó fún àgbàlagbà. Ọmọ ọwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀ ṣá, ọjọ́ mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ́ nínú ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó hàn. Àwọn arúgbó kùjọ́kùjọ́ náà yàtọ̀, torí wọn ò pọ̀ láwùjọ. Ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa wà, òfin HIPAA tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn ka ọjọ́ orí tó bá ju 89 lọ sí nǹkan tó lè fi èèyàn hàn, wọ́n á kàn kọ "90 sókè" ni.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí dáadáa ṣì lè wá ba iṣẹ́ jẹ́ láwọn ojú ìwé tí kò kà sí. Ojú ìwé ìdúpẹ́ ló burú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi orúkọ àdápè bo bàbá yìí mọ́lẹ̀ láti ojú ìwé 1 dé 40, àmọ́ níwájú pátápátá ló ti kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè báyìí báyìí àti ẹbí ẹ̀ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Òmíràn á fi fọ́ọ̀mù tí aláìsàn fọwọ́ sí sẹ́yìn ìwé, orúkọ àti síganíṣọ̀ ẹ̀ gbangba, kí tíṣà lè rí i pé ó gbàyè. Ẹ fi èyí tó ṣófo síbẹ̀, kí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù tàbí tíṣà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà.

Fọ́tò ọgbẹ́ náà ń fẹ́ ojú tó mọ́. Ohun tó ń fi èèyàn hàn níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ojú, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yà. Ilà ara, àpá àtijọ́, òrùka, káàdì tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà ọsibítù lára bébà tí wọ́n fi wọn ọgbẹ́, ìwọ̀nyí ni. Fíìmù ẹ́síréè máa ń ní orúkọ ní kọ̀rọ̀ òkè, ẹ gé e kúrò pátápátá, ẹ má kàn fi àpótí dúdú bò ó nínú kọ̀ǹpútà, torí nínú fáìlì Word ẹni tó bá fa àpótí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà lè gbé ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á pamọ́ sínú ara ẹ̀. Fáìlì fúnra ẹ̀ náà ńkọ́, ẹ wo bí ẹ ṣe sọ ọ́ lórúkọ, torí ẹnì kan lè tọ́jú gbogbo ìwé kó wá fi ránṣẹ́ bíi "Oloye_case_study". Nínú Word, tẹ́ ẹ bá tẹ File, Info, Check for Issues, Inspect Document, ó máa bá yín wá àwọn nǹkan tó pamọ́, bíi kọ́mẹ́ǹtì tí tíṣà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "ṣé bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 6 nìyí?"

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn táìpù ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kò kéré. Ìwé kékeré wọ́ọ̀dù tí orúkọ ṣì wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í yà á ní fọ́tò kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Èyí tí wọ́n ti tún kọ ni wọ́n máa gbé lọ.

Tó bá parí, wọ́n á gbé e fún ẹnì kan tí kò ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn ṣùgbọ́n tó mọ àgbègbè náà, wọ́n á ní kó kà á, kó sọ bóyá ó fura sí ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú bàbá náà máa dá a mọ̀, ìyẹn ò burú, ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ará ìta ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn kéèsì kan wà ṣá tí kò ṣeé fi pamọ́, ìbejì tó lẹ̀ pọ̀, jàǹbá tí gbogbo rédíò ti kà, àìsàn tí ẹnì kan ṣoṣo ní nílùú. Ẹ lè fẹ ọ̀rọ̀ náà títí, àárín ẹ̀ gan-an ló ń fi ẹni náà hàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú aláìsàn míì, tàbí kó sọ ọ́ kedere fún ẹni náà pé àwọn èèyàn lè mọ̀ ọ́n, kó sì gbàyè lórí ìyẹn gan-an. Bó bá ní rárá, rárá náà ni, ìtọ́jú ẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ torí ẹ̀.

Ìwé kékeré wọ́ọ̀dù àti fọ́tò inú fóònù, wọn ò gbọ́dọ̀ wà káàkiri lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún wọn ní máàkì. Ìwé, wọ́n á ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Fọ́tò, wọ́n á pa á rẹ́ lórí fóònù, lórí Google Photos tó ti gbé e lọ fúnra ẹ̀, àti nínú fódà Trash tó tún máa ń tọ́jú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.