Kí ló dé tí “A” kì í ṣe ìdáhùn? Owó oṣù nínú àbá Herzberg

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìbéèrè tó gba máàkì lọ́wọ́ mi nínú ìdánwò ìmọ̀ ìṣàkóso nìyí: “Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ilé ìfowópamọ́ kan ń ráhùn pé owó oṣù wọn kéré, pé ó máa ń pẹ́, pé ẹ̀rọ amúlétutù ti bàjẹ́. Àwọn aláṣẹ fi ìdá 20 nínú 100 kún owó náà, wọ́n ń san án lásìkò, wọ́n sì tún ẹ̀rọ ṣe. Gẹ́gẹ́ bí àbá Herzberg, kí ni kí wọ́n máa retí? (A) Ìtẹ́lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́ yóò pọ̀ sí i, orí wọn yóò sì yá sí iṣẹ́. (B) Àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn wọn yóò dín kù, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò ní mú orí wọn yá sí iṣẹ́. (C) Kò sí ohun tí yóò yí padà. (D) Wọn yóò máa wá iṣẹ́ síbòmíràn.” Mo mú A. Wọ́n ní B ni. Ta ni wọn yóò fi kún owó rẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ní dùn?

Ìdáhùn: Inú wọn yóò dùn lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà tó dá àbá yìí, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí ó ń bá wa jiyàn lé lórí ni èrò kan tó fara pamọ́ sínú A: pé ìkùnsínú àti ìtẹ́lọ́rùn wà lórí òpó kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé bí o bá ti gbé òṣìṣẹ́ kúrò nínú ìkùnsínú, o ti sún un mọ́ ìtẹ́lọ́rùn nìyẹn. Èrò yìí bá làákàyè mu, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí A fi ń fa ojú mọ́ra. Herzberg ní òpó méjì ni, ọ̀kan kò sì ti èkejì.

Wo bí ó ṣe dé ibẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó gbà kò ní gbàgbé ibi tó dé. Òun, Bernard Mausner àti Barbara Snyderman tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1959. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá nǹkan bíi 200 ẹnjiníà àti oníṣirò owó lẹ́nu wò ní agbègbè Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà. Wọn kò bi wọ́n pé “kí ni ẹ fẹ́?” Wọ́n ní kí kálukú rántí ìgbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ ọn gidigidi, àti ìgbà kan tí iṣẹ́ náà sú u pátápátá, kí ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Bó bá jẹ́ òpó kan ṣoṣo ló wà, ohun kan náà ni ìbá máa jáde nínú ìtàn méjèèjì: wọ́n fi kún owó, inú dùn, wọn kò fi kún un, inú bàjẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn ayọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni iṣẹ́ líle tí wọ́n ṣe yọrí, ìyìn tí wọ́n gbà lórí rẹ̀, adùn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ojúṣe tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ àti ìgbéga. Nínú ìtàn ìbànújẹ́, òfin ilé-iṣẹ́ tí kò nítumọ̀ ló ń jáde, pẹ̀lú alábòójútó tí kò mọ iṣẹ́, àárín tí kò gún pẹ̀lú ọ̀gá, ibi iṣẹ́ tí kò dára, àti owó oṣù. Nígbà tí Herzberg kó àbájáde ìwádìí 12 pọ̀ ní 1968, nínú gbogbo ohun tó dá ìtẹ́lọ́rùn sílẹ̀, ìdá 81 nínú 100 ló jẹ́ ti ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Nínú gbogbo ohun tó dá ìkùnsínú sílẹ̀, ìdá 69 nínú 100 ló jẹ́ ti ọ̀wọ́ kejì.

Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ni ohun amóríyá. Ọ̀wọ́ kejì ni ó pè ní ohun ìmọ́tótó, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ló sì ti yá orúkọ náà. Omi tó mọ́ àti ìdọ̀tí tí a kó dànù kì í jẹ́ kí àrùn wọlé, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò le di akọni. Bí wọn kò bá sí, àìsàn dé; bí wọ́n bá wà, àìsàn kò dé, ó parí síbẹ̀.

Ronú nípa olùkọ́ tó fẹ́ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dé ọkàn, tí ó ń rí i tí wọ́n ń yege, àmọ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta. Ṣé ó ní ìtẹ́lọ́rùn àbí kò ní? Lórí òpó kan ṣoṣo, kò sí ibi tí o lè gbé e sí. Lórí òpó méjì, ó rọrùn: ti amóríyá rẹ̀ ga, ti ìmọ́tótó rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ń gbádùn iṣẹ́, ó sì ń kùn, lọ́jọ́ kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ inú ìbéèrè rẹ ni òdìkejì rẹ̀. Gbogbo ohun mẹ́ta tí àwọn aláṣẹ tún ṣe, iye owó, àsìkò tí wọ́n ń san án àti ẹ̀rọ amúlétutù, ohun ìmọ́tótó ni gbogbo wọn. Ẹ̀sùn tán. Ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù kan náà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ṣì ń fi òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù náà, nínú yàrá tó tutù. B gan-an nìyẹn.

C kò tọ̀nà torí pé ohun pàtàkì yí padà: ìkùnsínú lọ sílẹ̀. Ní ti D, kò sí ohun tó tì í lẹ́yìn nínú ìbéèrè náà.

Ìbéèrè: Kí ni wọn ìbá ṣe tí A ì bá fi jẹ́ òótọ́?

Ìdáhùn: Wọn ìbá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Herzberg pè é ní fífi iyì kún iṣẹ́, ó sì ṣàlàyé àpẹẹrẹ kan ní 1968: ọ̀wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dáhùn lẹ́tà àwọn tó ní ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Tẹ́lẹ̀, alábòójútó ló ń fọwọ́ sí gbogbo lẹ́tà, òun náà ló ń yẹ gbogbo wọn wò kí wọ́n tó jáde. Wọ́n yí i padà díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí lẹ́tà pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ti àwọn tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa, dípò kí wọ́n yẹ lẹ́tà 100 nínú 100 wò, 10 nínú 100 ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n yan àwọn kan ní ògbóǹtarìgì lórí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó lọ bá alábòójútó.

Kíyè sí ohun tó tẹ̀ lé e: iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ burú sí i, torí pé ojúṣe tuntun náà kò tíì dá wọn lójú. Oṣù kẹta ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sunwọ̀n, lẹ́yìn náà ló ga dáadáa. Ọ̀gá tó bá fi oṣù kan dán an wò, tó sì dá a dúró, yóò ní àbá náà kò ṣiṣẹ́.

Àwọn àbá kan wà tí wọ́n kọ̀ nígbà náà, àwọn olùdánwò sì fẹ́ràn láti fi irú wọn dẹ pakúté: kí wọ́n dá iye lẹ́tà tí kálukú gbọ́dọ̀ dáhùn lójúmọ́, kí òṣìṣẹ́ máa tẹ lẹ́tà rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara wọn. Gbogbo ìyẹn kàn ń fẹ iṣẹ́ lójú ni. Iṣẹ́ tí kò nítumọ̀ tí a fi iṣẹ́ mìíràn tí kò nítumọ̀ kún kò tíì ní ojúṣe kankan nínú.

Ìbéèrè: Sà, ẹ má bínú, mo ṣì gbà pé owó ń mú orí ènìyàn yá. Ṣé Herzberg kò lè ṣì ni?

Ìdáhùn: Ó lè ṣì, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti bá a fà á. Nínú àkójọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, owó oṣù fara hàn ní apá méjèèjì. Ohun tó mú kí ó tò ó sí ìmọ́tótó ni pé ìyọnu tó ń dá sílẹ̀ ju ìtẹ́lọ́rùn lọ. Victor Vroom sì tọ́ka sí i ní 1964 pé ọ̀nà ìwádìí náà lè ti ṣì wọ́n lọ́nà: bí nǹkan bá dára, ẹ̀dá a máa ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, bí ó bá bàjẹ́, a di ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ àti ọ̀gá. Lójú tèmi, àtakò yìí lágbára, mo sì fẹ́ kí o kọ ọ́ bí wọ́n bá ní kí o ṣe àríwísí àbá náà nínú ìbéèrè alálàyé.

Ṣùgbọ́n “gẹ́gẹ́ bí àbá Herzberg” ni wọ́n kọ sí ìbéèrè yìí. Ohun tí Herzberg sọ ni wọ́n ń bi ọ́, kì í ṣe ohun tí o gbà gbọ́.

Ó tún dáhùn apá kan nínú ẹ̀hónú rẹ. Ó ní ohun ìmọ́tótó kì í dúró pẹ́: owó tí a fi kún lónìí ni òṣìṣẹ́ yóò máa fi ṣe ìpìlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀sùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí owó bá sì wá gẹ́gẹ́ bí àmì ìyìn fún iṣẹ́ kan pàtó tí ẹnì kan ṣe yọrí, ìyìn yẹn ló ń mú orí rẹ̀ yá. Nínú ìbéèrè rẹ, gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi kún owó wọn, ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò ṣe é. Kò sí ìyìn kankan níbẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni n óò ṣe tètè mọ èyí tó jẹ́ amóríyá àti èyí tó jẹ́ ìmọ́tótó?

Ìdáhùn: Bi ara rẹ bóyá ohun náà wà nínú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, tàbí ó yí iṣẹ́ náà ká. Lẹ́yìn náà, wo òpó tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ó bá so ohun ìmọ́tótó pọ̀ mọ́ ìtẹ́lọ́rùn, bí A ti ṣe, fagi lé e.

Ibi tí ó ti máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú kò ju méjì lọ. Èkíní ni ọ̀gá: ìwà ọ̀gá sí ọ àti bí ó ṣe ń bójú tó ọ jẹ́ ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n ìyìn tí ọ̀gá yẹn fún ọ lórí iṣẹ́ tí o parí jẹ́ amóríyá. Èkejì ni ipò: ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, ọ́fíìsì ńlá àti orúkọ oyè lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ ìmọ́tótó, torí iṣẹ́ kan náà ni ẹni náà ń ṣe. Bí wọ́n bá gbé e sókè sí ipò tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, tí ìpinnu tuntun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, amóríyá nìyẹn, kódà bí wọn kò bá fún un ní ọkọ̀.