Kí ni máàkì 10 ń sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ọ́fíìsì mi, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Ó ti dáhùn ìbéèrè méje lórí rẹ̀, 11 ni máàkì tó jáde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti gba 10 ti ní àìsàn àìbalẹ̀-ọkàn. Ṣé òótọ́ ni?" Mo ní kó fìdí lélẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ náà ní àlàyé nínú.

GAD-7 ni orúkọ òṣùwọ̀n tó lò. Robert Spitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní ọdún 2006. Ó ń béèrè bí nǹkan méje ṣe dà ọ́ láàmú tó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: kí ara má lélẹ̀, kí àníyàn má ṣeé dá dúró, kí èèyàn máa ṣàníyàn ju bó ṣe yẹ lọ lórí oríṣiríṣi nǹkan, kó má lè sinmi, kó má lè jókòó sójú kan, kó máa tètè bínú, kí ẹ̀rù sì máa bà á bí ẹni pé ohun búburú kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò rí i rárá gba 0, ẹni tó rí i ní ọjọ́ díẹ̀ gba 1, ẹni tó rí i ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ gba 2, ẹni tó ń rí i ní nǹkan bí ojoojúmọ́ gba 3. Nítorí náà máàkì rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 21. Ilé ìwòsàn tí àwọn èèyàn ti ń rí dókítà gbogboogbò ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, wọn kò dán an wò ní yunifásítì. Ìdí rèé tí àwa tí a ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ tún un dán wò láàárín wọn kí a tó gbára lé e.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń yẹ̀ wò ni bóyá ohun kan ṣoṣo ni ìbéèrè méjèèje ń wọ̀n, torí pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a ro máàkì wọn pọ̀. Ìṣirò tí a ń pè ní ìtúpalẹ̀ fákítọ̀ ló ń bá wa wá èyí. Ó ń wo bí ìdáhùn ṣe ń bá ara wọn rìn. Bí ẹni tó fi 3 sí ìbéèrè kan bá sábà máa ń fi 2 tàbí 3 sí àwọn yòókù, tí ẹni tó fi 0 síbẹ̀ sì ń fi 0 sí èyí tó pọ̀ nínú wọn, a jẹ́ pé okùn kan wà lábẹ́ tó so gbogbo wọn pọ̀. Okùn yẹn ni fákítọ̀. Ìṣirò náà tún ń sọ bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe dì mọ́ okùn náà tó, nípa òǹkà tó sábà máa ń wà láàárín 0 àti 1. Bí ìbéèrè kan bá wà nísàlẹ̀ 0.4, mo máa ń fura sí i.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, okùn kan náà ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan rí i pé ìbéèrè mẹ́ta, ti àìlèsinmi, ti àìlèjókòó sójú kan àti ti ìbínú, ń fà mọ́ ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín akẹ́kọ̀ọ́, èyí kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin torí ìwé, tó sì ń mu kọfí láti lajú, ara rẹ̀ kò ní lélẹ̀, ìbínú yóò sì súnmọ́ ọn, àníyàn ì báà wà tàbí kó má sí. Bí a bá rí irú èyí, a kò gbọ́dọ̀ sáré pín òṣùwọ̀n náà sí méjì. A kọ́kọ́ ń wò ó bóyá okùn kejì náà lágbára tó láti dá dúró, tàbí ó kàn jẹ́ pé ìbéèrè méjì jọra jù.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbi iṣẹ́ yìí ni kí èèyàn wá okùn náà nínú ìdáhùn àwọn èèyàn kan, kó tún fi ìdáhùn àwọn èèyàn kan náà jẹ́rìí pé òun rí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 600 bá dáhùn, ẹ fi 300 wá a, kí ẹ fi 300 yòókù dán ohun tí ẹ rí wò. Àṣìṣe kejì ni kí a ṣe bí ẹni pé 0, 1, 2 àti 3 dà bí àmì ojú rúlà, tí àyè àárín wọn dọ́gba. Wọn kò dọ́gba. Láti "rárá" dé "ọjọ́ díẹ̀" lè jìn ju láti "ọjọ́ díẹ̀" dé "ju ìdajì lọ", èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lè mú 0. Ìṣirò tó mọ̀ pé ipò lásán ni àwọn òǹkà wọ̀nyí ló yẹ kí a lò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a ń bi í pé, ṣé òṣùwọ̀n náà dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Àwọn tó ṣe GAD-7 rí i pé álífà ti Cronbach rẹ̀ jẹ́ 0.92. Òǹkà yìí ń sọ bí àwọn ìbéèrè ṣe fohùn ṣọ̀kan tó. Bó bá ṣe súnmọ́ 1 ni ìfohùnṣọ̀kan wọn ṣe lágbára tó. Ọ̀pọ̀ ń rí òǹkà gíga báyìí, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Bí mo bá béèrè ohun kan náà lọ́nà méje, álífà yóò ga fíofío, síbẹ̀ n kò ní mọ̀ ju ohun tí ìbéèrè kan ì bá ti sọ fún mi. Kódà nínú GAD-7 pàápàá, ìbéèrè nípa àníyàn tí kò ṣeé dá dúró àti èyí tó tẹ̀ lé e jọra púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó gba máàkì mọ̀ ni bí máàkì náà ṣe lè mì tó. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fọ́n ká sí ọ̀tún àti òsì ìwọ̀n àárín wọn ní nǹkan bíi 5, tí álífà sì jẹ́ 0.88. A yọ 0.88 kúrò nínú 1, ó ku 0.12, gbòǹgbò onílọ̀po-méjì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.35, a sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1.7. Ìyẹn ni ìwọ̀n ìmìtìtì máàkì ẹnì kan. Bí a bá fẹ́ kó dá wa lójú dáadáa, a ó fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀: ẹni tó gba 11 lè jẹ́ ẹni 8, ó sì lè jẹ́ ẹni 14. Ẹni tó gba 9 àti ẹni tó gba 11 lè jẹ́ ọgbọọgba, síbẹ̀ ààlà 10 ti fi ọ̀kan sí apá kan, ó ti fi èkejì sí apá kejì.

Níbo wá ni ààlà 10 yẹn ti wá? Nínú ìwádìí 2006 yẹn, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pe 965 nínú àwọn tó dáhùn lórí tẹlifóònù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò láti mọ ẹni tó ní àìsàn náà ní tòótọ́. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fò nìyí. Ẹni tó ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò gbọ́dọ̀ mọ máàkì tẹ́lẹ̀, kí máàkì náà má bàa darí ohun tó máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fífi ìwé ìbéèrè mìíràn dípò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò tó: ìwé méjì lè jọ ṣàṣìṣe síbi kan náà.

Ní ààlà 10, òṣùwọ̀n náà mú 89 nínú 100 àwọn tó ní àìsàn náà, ó sì dá 82 sílẹ̀ nínú 100 àwọn tí kò ní i. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé bí òun bá ti gba 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òun ní i. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ká ní a fún akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 ní ìwé náà nínú gbọ̀ngàn kan, tó sì jẹ́ pé 50 nínú wọn ló ní àìsàn náà. Òṣùwọ̀n náà yóò mú nǹkan bíi 45 nínú 50 yẹn. Ṣùgbọ́n 950 ni kò ní i, òṣùwọ̀n náà yóò sì ṣèèṣì mú 18 nínú 100 wọn, ìyẹn 171. Gbogbo ẹni tó kọjá ààlà wá di 216, 45 péré nínú wọn ló ní àìsàn ní tòótọ́. Nǹkan bíi 1 nínú 5 ni.

Ẹ wá gbé ìwé kan náà, ààlà kan náà, lọ sí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn, níbi tí àwọn tó wá fúnra wọn wà. Ká ní 300 nínú 1,000 wọn ló ní i. A ó mú 267 lọ́nà ẹ̀tọ́, a ó ṣèèṣì mú 126. Nísinsìnyí, 2 nínú 3 àwọn tó kọjá ààlà ló ní i. Òṣùwọ̀n kò yí padà, àwọn tó dáhùn ló yí padà.

A lè gbé ààlà sókè. Ní 15, òṣùwọ̀n náà dá 95 sílẹ̀ nínú 100 àwọn tí kò ní i, ṣùgbọ́n 48 péré ló mú nínú 100 àwọn tó ní i. Nínú gbọ̀ngàn wa, 26 nínú 50 yóò lọ sílé láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn kan máa ń ro ìdá méjèèjì pọ̀, wọ́n á mú ibi tí àròpọ̀ rẹ̀ ti ga jù ṣe ààlà. Ọ̀nà yẹn ka àṣìṣe méjèèjì sí ọgbọọgba, èmi kò sì gbà pé ọgbọọgba ni wọ́n. Bí ẹni tó kọjá ààlà yóò kàn bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo fara mọ́ ààlà tó relẹ̀. Bí òògùn ni yóò tẹ̀ lé e, n kò ní gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wo ẹnu mi. Mo bi í pé nígbà wo ló dáhùn ìbéèrè náà. Ó ní ní ọjọ́ kejì tí ìdánwò parí. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé náà ń béèrè jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò látòkèdélẹ̀, bẹ́ẹ̀ àìsàn tí GAD-7 ń wá kò ṣeé pè bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá ti wà fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Mo bi í bó ṣe rí ṣáájú ìdánwò. Ó rò ó díẹ̀, ó ní òun ń sùn, òun ń jẹun, ọkàn òun kì í sáré báyìí.

Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wá, ó gba 6. Máàkì méjèèjì ló lè mì, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 5 kí n tó gbà pé kì í ṣe ìmìtìtì lásán. Tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó o ni. Mo kọ máàkì méjèèjì sínú fáìlì rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn, a sì fi ọjọ́ mìíràn sí i, ní àárín sáà tó ń bọ̀, nígbà tí kò ní sí ìdánwò kankan nítòsí.